Ṣé ọmọ ìyá ni Mùsùlùmí àti mọ́sálásí?

Akẹ́kọ̀ọ́ Kéú: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Láti kékeré ni mo ti ka Kùráánì parí, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ èdè tí mo kà. Mo ti padà sí kíláàsì Lárúbáwá báyìí. Olùkọ́ wa ní gbòǹgbò kan náà ni Ìsìláàmù, Mùsùlùmí àti sàlámù tí a fi ń kíra. Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ṣé mọ́sálásí náà wà níbẹ̀? Kí sì ni ká máa pe ohun tí wọ́n ń pè ní wásìnì ní Yorùbá, ìyẹn bátànì fáwẹ́lì àti àfikún tí wọ́n ń kó gbòǹgbò sí kó tó di ọ̀rọ̀?

Ará Ìṣàlẹ̀ Èkó: Ìyẹn kì í ṣe wàhálà, àǹtí mi. Ẹ da gbogbo fáwẹ́lì nù, kọ́ńsónáǹtì tó bá ṣẹ́kù ni gbòǹgbò. Ìsìláàmù, s-l-m. Sàlámù, s-l-m. Mùsùlùmí ní m kan lé níwájú. Mọ́sálásí náà ní m, ó ní s, ó ní l. Ọmọ ìyá ni gbogbo wọn. Ṣebí inú mọ́sálásí náà ni Mùsùlùmí ń lọ.

Mùálímù Ìlọrin: Ará Èkó, o ṣe dáadáa dé ìdajì ọ̀nà. Òótọ́ ni pé kọ́ńsónáǹtì ló ń gbé ìtumọ̀, mẹ́ta ni wọ́n sì sábà máa ń jẹ́. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù ló ní ipò tirẹ̀. S ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú, kí l tẹ̀lé e, kí m kẹ́yìn. Tí o bá pààrọ̀ wọn, ilé onílé lo wọ̀ yẹn. M iwájú mọ́sálásí kò lè jẹ́ m ìdí sàlámù. Ẹ jẹ́ ká fi mọ́sálásí sílẹ̀ ná, màá padà sí i.

Ẹ wo s-l-m fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè pè é, kò tíì di ọ̀rọ̀. Ẹ fún un ní fáwẹ́lì, ó di salima: ó bọ́ lọ́wọ́ ewu, kò lábùkù. Ẹ tẹ l àárín mọ́lẹ̀ kó di méjì, ó di sallama: ó fi nǹkan lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, tàbí ó kí i ní sàlámù. Ẹ fi a síwájú, kí ẹ gba fáwẹ́lì lọ́wọ́ s, ó di aslama: ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún ẹni tó ju òun lọ. Ẹ fi ista síwájú, ó di istaslama: ó túúbá, bí ọmọ ogun tó ju ìbọn sílẹ̀. Túúbá tí mo sọ yìí, Lárúbáwá lòun náà, ṣùgbọ́n gbòǹgbò tirẹ̀ yàtọ̀.

Aslama ló bí àwọn méjì tí ẹ béèrè. Orúkọ ìṣe náà ni islaam, ìjọ̀wọ́ ara ẹni. Ẹni tó ń ṣe é ni muslim. Ẹ kíyè sí i pé nígbà tí mu dé, a iwájú aslama sá fún un. A kì í sọ pé mu'aslim. Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti máa ń ṣìnà. Wọn ò rí a mọ́, wọ́n á ní ara salima ni muslim ti jáde. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, saalim là ń pe olùṣe ti salima, ẹni tí kò séwu fún. Èèyàn lè jẹ́ saalim kó má jẹ́ muslim.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta: Ẹ dákun, orúkọ lẹ̀ ń sọ, àbí? Mo ní ọmọkùnrin mẹ́ta. Mùhámọ́dù ni àkọ́bí, Mahmúdù ló tẹ̀lé e, Àmọ́dù ni àbíkẹ́yìn. Lọ́jọ́ ìkómọ èyí tó kẹ́yìn, aládùúgbò kan rọra sọ fún mi pé orúkọ kan náà ni mo sọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pé ó dà bí ẹni tó ń sọ gbogbo ọmọ rẹ̀ ní Táyé. Mo rẹ́rìn-ín níjọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò nínú mi títí dòní. Ṣé mo ṣì í ni?

Mùálímù Ìlọrin: Bàbá, ẹ ò ṣì í. Gbòǹgbò kan ni, orúkọ mẹ́ta ni. H-m-d ni gbòǹgbò wọn, ìyìn ló sì wà nínú rẹ̀. Hamida ni pé ó yìn ín. Ẹni tí wọ́n yìn ni mahmuud. Tí a bá wá tẹ m àárín mọ́lẹ̀ bí a ti tẹ l lẹ́ẹ̀kan, ó di hammada, ó yìn ín lọ́pọ̀lọpọ̀, ó yìn ín ní àyìntúnyìn. Ara ìyẹn ni muhammad ti jáde: ẹni tí wọ́n ń yìn láìdákẹ́. Ahmad kì í ṣe irú wọn. Ibi àfiwé lòun wà, níbi tí akbar tí a ń gbọ́ nínú ìpè ìrun wà. Bí akbar ti jẹ́ ẹni tó tóbi jù, bẹ́ẹ̀ ni ahmad jẹ́ ẹni tí ìyìn tọ́ sí jù.

Ará Ìṣàlẹ̀ Èkó: Ó ti yé mi wàyí. Olù tiwa ni mu tiwọn. Muslim, olùjọ̀wọ́. Muhammad, olùyìn.

Mùálímù Ìlọrin: O tún dé ìdajì ọ̀nà! Olùyìn kọ́ ni muhammad, òun gan-an ni wọ́n ń yìn. Mu kàn ń sọ fún ọ pé ìṣe tí wọ́n ti fi nǹkan kún lara ló bí ọ̀rọ̀ náà, pé kì í ṣe ìṣe àkọ́kọ́ tí kò ní àfikún. Kò sọ ẹni tó ṣe é àti ẹni tí wọ́n ṣe é sí. Fáwẹ́lì tó wà níwájú kọ́ńsónáǹtì ìkẹyìn ló ń sọ ìyẹn. Bó bá jẹ́ i, olùṣe ni. Bó bá jẹ́ a, ẹni tí wọ́n ṣe é sí ni. Muslim ní i. Muhammad ní a. Bí o bá pe muhammad ní muhammid, o ti sọ ẹni tí wọ́n ń yìn di ẹni tó ń yìn.

Má fi ẹnu Yorùbá wá fáwẹ́lì yìí o. Ẹnu wa ti sọ i inú muslim di ù nínú Mùsùlùmí, a sì tún so í tiwa mọ́ ìparí rẹ̀. Bí Lárúbáwá ṣe pè é ni kí o wò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kéú: Ẹ ṣeun, sà. Mo ní kí n dán an wò lórí orúkọ tí ẹ̀yin gan-an ń jẹ́ níbí. Mùálímù: mo yọ mu kúrò, mo da fáwẹ́lì nù, l àti m ló ṣẹ́kù. Méjì péré. Mo gbọ́ pé i ló wà níwájú m, olùṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò dà?

Mùálímù Ìlọrin: Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí, àbúrò. Kọ́ńsónáǹtì àkọ́kọ́ ti sọnù sí ẹ lọ́wọ́. Àìnì ni, èyí tó ń ti ọ̀nà ọ̀fun jáde, tí a fi àmì kékeré dúró fún níbí: 'alima. Etí Yorùbá ń kà á sí fáwẹ́lì, ó sì ń dà á nù mọ́ wọn. 'Alima ni ó mọ̀. Tẹ l àárín, 'allama, ó kọ́ ẹlòmíràn. Fi ta síwájú ìyẹn, ta'allama, ó kọ́ ọ, ó di mímọ̀ fún òun fúnra rẹ̀. Mu'allim ni èmi, muta'allim ni ẹ̀yin.

Etí yìí kan náà ló ń tan Ará Èkó jẹ lórí mọ́sálásí. S méjì ni Lárúbáwá ní, síínì tó fẹ́lẹ́ àti sáádì tó wúwo lẹ́nu. Ọ̀kan ṣoṣo ni tiwa, a sì kó méjèèjì sínú rẹ̀. Síínì ló wà nínú sàlámù. Sáádì ló wà nínú sallaa, ó kírun, níbi tí sáláà ti wá. Kọ́ńsónáǹtì kẹta rẹ̀ ni wáwù, ó máa ń fara pa mọ́ sínú fáwẹ́lì ni ẹ ò ṣe rí i. Ibi tí a ti ń kírun ni musallaa. Gbòǹgbò yìí kan náà ló wà nínú masallaci ti Haúsá, ibẹ̀ ni mọ́sálásí ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ ìyá sáláà ni mọ́sálásí, kì í ṣe ọmọ ìyá Mùsùlùmí. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ ṣí ìwé atúmọ̀ tí wọ́n tò ní gbòǹgbò gbòǹgbò. Abẹ́ síínì lẹ ó ti bá muslim, abẹ́ sáádì lẹ ó ti bá musallaa. Abẹ́ míìmù tí ọmọ kíláàsì máa ń kọ́kọ́ sáré lọ, kò ní rí ọ̀kankan níbẹ̀.

Olùkọ́ Èdè: Ẹnikẹ́ni ò tíì dá akẹ́kọ̀ọ́ lóhùn lórí wásìnì. Mọ́ọ̀dù ni kí ẹ pè é, bíi ti àwọn tó ń gún búlọ́ọ̀kù. Yẹ̀pẹ̀ ni s-l-m, yẹ̀pẹ̀ ni h-m-d. Mọ́ọ̀dù tí ẹ bá kó o sí ló ń sọ ohun tí yóò dà. Ọmọdé yóò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan.

Mùálímù Ìlọrin: Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó ni èdè ti sọ ọ́ lórúkọ. Wásìnì, ìwọ̀n ni. F-'-l ni wọ́n fi ń wọn gbogbo ọ̀rọ̀, tó túmọ̀ sí ṣe. Bí wọ́n bá ní saalim wà lórí faa'il, ohun tí wọ́n sọ ni pé ó bá olùṣe dọ́gba lórí ìwọ̀n. Òṣùwọ̀n ló yẹ ká pè é. Ohun kejì ni pé kò sí yẹ̀pẹ̀ tí mọ́ọ̀dù ń kọ̀. Lárúbáwá ń kọ̀. Mọ́ọ̀dù tó ń fi in síwájú wà, inkasara, ó fọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá kó s-l-m sí i, insalama, o ò ní bá a lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Èyí tí wọ́n sì ń sọ pàápàá, ìtumọ̀ rẹ̀ lè yà díẹ̀ sí ibi tí o rò. Ta ló lè fojú kan sallama, kó mọ̀ pé ìkíni wà níbẹ̀?

Olùkọ́ Èdè: Ọjà ni òṣùwọ̀n wà létí ọmọ Yorùbá. Kò sí ẹ̀wà tó gun òṣùwọ̀n tó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìrísí mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ìrísí ló ń yí níbí! Gbòǹgbò pàápàá kò tẹ́ mi lọ́rùn. Gbòǹgbò igi ṣeé hú, o lè gbé e lọ́wọ́. Ẹ̀yin lẹ sọ pé s-l-m kò ṣeé pè. Egungun ló jọ lójú mi.

Ará Ìṣàlẹ̀ Èkó: Mo wà lẹ́yìn mọ́ọ̀dù. Ẹ dárí jì mí lórí mọ́sálásí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kéú: Mo ti kọ mọ́ọ̀dù sí ojú ewé kan, mo kọ òṣùwọ̀n sí ojú ewé kejì. Màá mọ èyí tí mo máa ń ṣí.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta: Ẹ má bínú pé mo tún dé. Mọ̀mọ́dù ni orúkọ bàbá bàbá mi. Ṣé Mùhámọ́dù ni àbí Mahmúdù?

Mùálímù Ìlọrin: A ò lè mọ̀ láti ẹnu, Bàbá, ẹnu wa ti ha méjèèjì títí wọ́n fi jọra. Ìkọ̀wé Lárúbáwá ni yóò sọ. Ǹjẹ́ ìwé àtijọ́ kan wà tí wọ́n kọ orúkọ náà sí ní Lárúbáwá? Ẹ wo iwájú dáálì tó kẹ́yìn. Bí wáwù bá wà níbẹ̀, Mahmúdù ni. Bí kò bá sí, tó jẹ́ pé míìmù kejì ló kan dáálì, Mùhámọ́dù ni.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta: Ìwé ìsomọyìgì rẹ̀ wà nínú àpótí àǹtí mi ní Ẹ̀pẹ́. Màá gba ibẹ̀ lọ lọ́jọ́ Sátidé. Báwo ni wáwù ṣe rí?