Ta ló ti túmọ̀ tiransikíríìpù Kọ́tọnù rí? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Ọmọ Kàbbà: Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi parí ìwé ní Kọ́tọnù, ó fẹ́ lọ ṣe másítà ní Amẹ́ríkà. Ó ya fọ́tò tiransikíríìpù rẹ̀ ránṣẹ́, Faransé ni gbogbo rẹ̀. Nísàlẹ̀ wọ́n kọ 13,40/20, "Mention : Assez Bien". Ọkùnrin kàfé kan níbí fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ pé 67 nínú 100. Ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí, báwo ló ṣe lọ?

Ìyá Ìbejì, Ìyàrà: 67 kẹ̀! B mà nìyẹn. Ẹ bá wa kí i kú oríire.

Tíṣà Mọ̀pà: Ìyá Ìbejì, ẹ ní sùúrù. B ni lọ́dọ̀ tiwa, torí 70 ni A ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé Amẹ́ríkà, 90 ni A ti ń bẹ̀rẹ̀, D ni wọ́n ń pe 67. Ọmọ tó ṣe dáadáa ni ọkùnrin kàfé yẹn fẹ́ sọ di olódo. Lọ́dọ̀ àwọn Faransé, ẹni tó gba 10 ti yege. Láti 12 ni Assez Bien, láti 14 ni Bien, 16 lọ sókè ni Très Bien. Ẹni tó bá gba 18, gbogbo kíláàsì á mọ orúkọ rẹ̀.
Bí mo bá ń túmọ̀ ọ́, n kì í yí máàkì padà. Mo máa ń kọ 13.40/20, kọ́mà nìkan ni mo ń sọ di póìntì. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń kọ àlàyé ìwọ̀n yẹn sísàlẹ̀, kó hàn pé ọ̀rọ̀ olùtúmọ̀ ni. Àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́hùn-ún ló máa sọ ọ́ di lẹ́tà tiwọn.

Baba Ẹ̀gbẹ̀: Kì í ṣe Faransé nìkan o! Nàìjíríà níbí ni mo ti kàwé, Gẹ̀ẹ́sì ni tiransikíríìpù mi, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà mí láàmú. Ilé ìwé tí mo kọ̀wé sí rí 62, 58, 64, wọ́n ní ṣé mo yege rárá. Ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n tẹ àlàyé máàkì sí, iwájú nìkan ni mo yà ránṣẹ́. Ìgbà tí mo ya ẹ̀yìn ni wọ́n tó gbà. Ẹ yẹ ẹ̀yìn ti ọmọ yẹn wò.

Ọmọ Ìsánlú: Kọ́tọnù ni ẹ ń wí? Ibi tí akọ̀ròyìn ti gba dìgírì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà? Ìjọba Nàìjíríà kúkú ti dá yíyẹ ìwé ẹ̀rí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wò dúró ní January 2024.

Ọmọ Kàbbà: Ìwọ náà! Ọmọ yìí gbé ibẹ̀ lọ́dún mẹ́ta, ó ń fi Faransé bú wa báyìí. Amẹ́ríkà ló sì ń lọ.

Ọmọ Ìsánlú: Kò burú. Ojú yẹn náà ni wọ́n á fi wò ó.

Ọmọ Kàbbà: Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ó tún ku ibì kan. Kọ́ọ̀sì kan wà tó gba 08,50, ọkùnrin yẹn tẹ FẸ́Ẹ̀LÌ síwájú rẹ̀. Èkejì rẹ̀ gba 13,00. Wọ́n kọ "validée par compensation" sí ìdí àwọn méjèèjì. Òjìji ọwọ́ bo àròpín wọn, n kò mọ̀ bóyá 11,20 ni tàbí 17,20.

Tíṣà Mọ̀pà: Coef. wọn ńkọ́, ìyẹn iye ìgbà tí wọ́n ń ka máàkì kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan?

Ọmọ Kàbbà: 2 ni ti àkọ́kọ́, 3 ni ti èkejì.

Tíṣà Mọ̀pà: Ìṣirò á já a. 8,50 lọ́nà méjì jẹ́ 17, 13 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 39. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 56, ẹ pín in sí 5, 11,20 ni. Kò tilẹ̀ lè jẹ́ 17, nígbà tí èyí tó ga jù jẹ́ 13. Abala kan náà ni kọ́ọ̀sì méjèèjì. Nígbà tí àròpín ti kọjá 10, abala náà ti yege, ọmọ náà sì gba kíréèdì rẹ̀ pé. Ẹ ní kí ọkùnrin kàfé pa FẸ́Ẹ̀LÌ rẹ́. Kó fi 8.50 sílẹ̀ bó ṣe wà, kó túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìdí rẹ̀, pé àròpín ló mú un yege.

Ọmọ Ìsánlú: Ẹni tó gba 8 nínú 20 ò yege. Àwàdà lẹ fi ń ṣe.

Baba Ẹ̀gbẹ̀: Òfin ilé ìwé wọn ni, kì í ṣe tìrẹ.

Ọmọ Ìsánlú: Ẹ jẹ́ kí dókítà tó gba 8 wá ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín nígbà náà.

Tíṣà Mọ̀pà: Ọmọ Kàbbà, ní kí ọmọ náà tún un yà ní ojúmọmọ, iwájú àti ẹ̀yìn, kó sì bi ilé ìwé Amẹ́ríkà náà bóyá wọ́n ń gba ìtumọ̀ tíṣà lásán tàbí ti olùtúmọ̀ tó búra. Kálukú ló ní tirẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìyàrà: Tíṣà, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi wà ní Jámánì, 1.3 ló gbà. Láti àná ni mo ti ń gbààwẹ̀.

Tíṣà Mọ̀pà: Ìyá wa, ẹ lọ jẹun! 1.0 ló ga jù níbẹ̀.