"Máàkì àṣekù" kẹ̀? Àríyànjiyàn lórí 40 àti 60

Bàbá Ìbejì, Ìkòròdú:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà èdè. Ọmọ mi gba 35 nínú ìgbéléwọ̀n lemọ́lemọ́ ti ìṣirò. Ìdá ogójì ni ìyẹn, ìdánwò sì jẹ́ ìdá ọgọ́ta. Mélòó ni kó gbà nínú ìdánwò kó tó pé 50? Mo ti sọ iye náà ní "máàkì àṣekù". Ṣé Yorùbá gbà á bẹ́ẹ̀?

Alàgbà Afẹ̀yìntì:
Àṣekù kẹ̀? Oúnjẹ tí a jẹ tí kò tán ni àjẹkù. Aṣọ tí ẹlòmíì ti wọ̀ sára kó tó dé ọjà Ṣàbó ni àlòkù. Àṣekù, bí èdè bá ṣì ní òfin, ni iṣẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ tí a ò parí. Ọmọ yín kò tíì fojú kan pépà ìdánwò, kí ló wá ṣe kù níbẹ̀? Ẹ tún wo ohùn orí *ku* yẹn. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù láìfàmì sí i, àṣekú ni ẹlòmíì yóò kà, yóò sì rò pé ìdánwò fẹ́ ṣe ọmọ náà pa.

Àìgbọdọ̀máṣe ti wà lẹ́nu wa tipẹ́tipẹ́. Ẹ kàn fi *gbà* rọ́pò *ṣe*: máàkì àìgbọdọ̀mágbà. Ká ní bàbá mi tó jẹ́ tíṣà ṣì wà láyé ni, ẹni tó bá sọ "àṣekù" níwájú rẹ̀ yóò dúró lórí ẹsẹ̀ kan títí aago á fi lù.

Ọmọ Àgbádárìgì:
Bàbá Ìbejì, ẹ má wulẹ̀ dààmú. Ọmọ yín ti ní 35, ó ku 15 kó pé 50. 15 nínú 60 kò tó nǹkan, ọmọ tó bá sùn níbi ìdánwò ló máa pàdánù ìyẹn. Ẹ ra mílíìkì fún un.

Ní ti "àìgbọdọ̀mágbà", Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹni tó bá fẹ́ pe ọ̀rọ̀ yẹn tán, ìdánwò á ti parí.

Tíṣà Ìṣirò:
Ẹ dúró ná. 35 nínú kí ni? Ohun tí Ọmọ Àgbádárìgì ṣe yẹn tọ́ bó bá jẹ́ pé 35 nínú 40 ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní 35 nínú 40 kò ní sáré wá sí ibí yìí. Bàbá Ìbejì, ẹ bá wa wo ìwé èsì náà dáadáa. Ṣé wọ́n kọ iye tẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan síbẹ̀?

Bàbá Ìbejì:
Ẹ ṣé, tíṣà. Mo ti wò ó. Tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ 9 nínú 15, tẹ́ẹ̀sì kejì 5 nínú 15, iṣẹ́ àṣetiléwá 0 nínú 10. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ 14/40 sí, wọ́n wá fi bírò pupa kọ 35% sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. 35 yẹn ni ojú mi rí.

Tíṣà Ìṣirò:
Ọ̀rọ̀ ti dọ́gba. 14 ló wọlé lára 40, òun náà ni 35 tí wọ́n fi pupa kọ, torí bí a bá fẹ 40 náà dé 100, 14 á di 35. Ẹ yọ 14 kúrò nínú 50, ó ku 36. 36 ni ìdánwò gbọ́dọ̀ mú wá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣubú nìyí: 36 yẹn wà lára 60, kò sí lára 100. Bí tíṣà bá ń fún pépà ìdánwò ní máàkì lórí 60, 36 ni kí ọmọ gbà. Bó bá ń fún un lórí 100 tó sì ń sọ ọ́ di 60 lẹ́yìn náà, a ó fẹ 36 náà padà:

(50 − 14) ÷ 60 × 100 = 60

Nítorí náà, 60 nínú 100 lórí pépà. Ẹ wo orí pépà ìdánwò tó kọjá kẹ́ ẹ sì ro máàkì ìbéèrè rẹ̀ pọ̀. Bó bá jẹ́ 100, ẹ mọ̀ pé wọ́n máa fún un pọ̀ di 60.

Kí ẹ tó ka ìwé kankan fún un, ẹ bá mi lọ béèrè òdo orí iṣẹ́ àṣetiléwá yẹn. Ọmọ tó gba 9 nínú 15 kì í gba òdo pátápátá bó bá kó iṣẹ́ fún tíṣà. Ó lè jẹ́ pé kò kó o fún un, ó sì lè jẹ́ pé tíṣà kò rí i kọ sínú ìwé. Bí ó bá jẹ́ 6 ló tọ́ sí i, 14 á di 20, ìdánwò á sì máa wá 30 péré lára 60.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́:
Tíṣà, ọ̀rọ̀ yín gún mi lọ́kàn. Nígbà tí mo wà ní iléèwé (mi ò ní dárúkọ rẹ̀), 14 náà ni èmi ní! Ọ̀rẹ́ mi bá mi ṣírò, ó ní 36 ni mò ń wá. Nígbà tí pépà dé, mo rí 38 lórí rẹ̀, mo jó, mo ra sùyà fún gbogbo yàrá. Èsì jáde, wọ́n kọ 37 sí mi lọ́rùn. Mo lọ bá wọn jà, mo ní 14 àti 38 jẹ́ 52. Ni ẹni tó wà níbẹ̀ bá fi ìka tọ́ orí pépà: 100 ni wọ́n fi ṣe. 38 mi yẹn, bí wọ́n ṣe fún un pọ̀ di ti orí 60, 22.8 ló kù níbẹ̀. Mo tún kọ́ọ̀sì yẹn ṣe odidi ọdún kan.

Ẹ tiẹ̀ gbà mí láàyè kí n béèrè nǹkan kan. Kí ni "ìdá ogójì" yìí? Áfáà wa ń kọ́ wa pé sàká owó jẹ́ ìdá kan nínú ogójì, 2.5 náírà nínú 100. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì sì ń san ìdámẹ́wàá, ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Bí ìdámẹ́wàá bá jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́wàá, kí ló dé tí ìdá ogójì wá jẹ́ ogójì lódidi?

Alàgbà Afẹ̀yìntì:
Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa yín lẹ́nu mọ́, òótọ́ lẹ sọ! *Ìdá* ń pín nǹkan ni. Ìdajì, ìdámẹ́ta, ìdámẹ́wàá: ọ̀kan ṣoṣo la mú níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ju ọ̀kan lọ gbọ́dọ̀ sọ ọ́: ìdá méjì nínú mẹ́ta. Bí ìgbéléwọ̀n bá jẹ́ ìdá ogójì tí ìdánwò sì jẹ́ ìdá ọgọ́ta, méjèèjì kò ní ju 4 àti díẹ̀ lọ nínú 100. Ta ló jí ìyókù?

Ọmọ Àgbádárìgì:
Alàgbà, orí rédíò ni wọ́n ti ń sọ pé "ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún". A kàn gé ìdí rẹ̀ kúrù ni. Gbogbo wa la mọ ohun tí Bàbá Ìbejì ní lọ́kàn.

Alàgbà Afẹ̀yìntì:
Gbogbo yín mọ̀ ọ́n, ìwọ wá rò pé 35 nínú 40 ni ọmọ gbà? *Nínú* tẹ́ ẹ gé sọnù yẹn gan-an ló ṣì yín lọ́nà.

Ọmọ Àgbádárìgì:
Ẹ bínú sí mi sà. Ègùn ni màmá mi, àbùkù mi nìyẹn.

Tíṣà Ìṣirò:
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jẹ́ ká fi *ìdá* sílẹ̀ díẹ̀. Alàgbà fẹ́ràn ẹ̀yà ọ̀rọ̀, ẹ bá mi tú ogójì, ọgọ́ta àti ọgọ́rùn-ún wò.

Alàgbà Afẹ̀yìntì:
Ogún méjì, ogún mẹ́ta, ogún márùn-ún. Ìyá mi àgbà máa ń ka obì lógún lógún sínú agbọ̀n, kò ka ọ̀kọ̀ọ̀kan rí. Bóo ṣe ní wọ́n á kọ́ ọmọ ní ìṣirò pẹ̀lú gẹ̀ẹ́sì lónìí tí kò ní sọnù?

Tíṣà Ìṣirò:
Ó tán! Ìgbéléwọ̀n jẹ́ ogún méjì, ìdánwò ogún mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ogún márùn-ún. Ẹ ò nílò ÷ 60 × 100 kankan mọ́. Ẹ sọ máàkì méjèèjì di ti orí 100, ẹ ka ti ìgbéléwọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, ti ìdánwò lẹ́ẹ̀mẹta, kí àpapọ̀ rẹ̀ pé èyí tí ẹ ń wá lọ́nà márùn-ún. 50 lọ́nà márùn-ún jẹ́ 250. 35 lẹ́ẹ̀mejì jẹ́ 70. Ó ku 180. Ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta, 60. Ibì kan náà la dé.

Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ohun tí ẹ fi kùnà 50 nínú ìgbéléwọ̀n, ẹ ò ní san án lódidi nínú ìdánwò, torí ìdánwò wúwo jù ú lọ. Bí ẹ bá kùnà pẹ̀lú 3 nínú ìgbéléwọ̀n, 2 ni ẹ fi máa kọjá 50 nínú ìdánwò. Ọmọ yín kùnà pẹ̀lú 15, nítorí náà ó máa fi 10 kọjá. 50 àti 10. Ìyá Ẹlẹ́ja, tí ẹ bá mọ èyí nígbà yẹn, ẹ ò bá má ra sùyà.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́:
Sùyà náà dùn ṣá.

Bàbá Ìbejì:
Tíṣà, Ọlọ́run á bù kún yín. Tí mo bá wá fẹ́ kó gba A ńkọ́? Iléèwé wọn ní 75 ni A.

Tíṣà Ìṣirò:
Kò ṣeé ṣe pẹ̀lú 14. Bó bá gba gbogbo 60 ìdánwò, 74 ló máa ní. Ẹ fi A sílẹ̀, àfi bí òdo yẹn bá yí padà. Bó bá di 6, tí ìgbéléwọ̀n sì di 20, ó máa nílò 55 lára 60, ìyẹn 91.67 lórí 100. Wọn kì í fún ọmọ ní ìdá máàkì, 92 ni kẹ́ ẹ sọ fún un. Ẹ tún béèrè bóyá iléèwé wọn ní òfin mìíràn, torí àwọn kan wà tí wọ́n ní ọmọ gbọ́dọ̀ gba iye kan nínú ìdánwò fúnra rẹ̀, bí àpapọ̀ rẹ̀ tiẹ̀ pé 50.

Ọmọ Àgbádárìgì:
Èmi ṣì fẹ́ràn "máàkì àṣekù". Ó kúrú. Nígbà tí 6-3-3-4 wọlé ní 1982, ta ló béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà kí "ìgbéléwọ̀n lemọ́lemọ́" tó dé?

Alàgbà Afẹ̀yìntì:
Mo wà nínú kíláàsì nígbà yẹn, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Ẹ má bá mi sọ ọ́.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́:
Lọ́jà wa, owó tó kù kí ẹlẹ́ja tó lè kó ẹja lọ ni a ń pè ní "àfikún". Ẹ fi máàkì síwájú rẹ̀, ó parí.

Alàgbà Afẹ̀yìntì:
Àfikún jẹ́ ohun tí a fi kún ohun tó ti pé. Ti ọmọ yìí kò pé.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́:
Ti ẹlẹ́ja náà kò pé, ìdí nìyẹn tí a fi ní kó fi kún un, Alàgbà.

Bàbá Ìbejì:
Mo ti bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ó ní òun fi iṣẹ́ àṣetiléwá sórí tábìlì tíṣà lọ́jọ́ tí òjò rọ̀, kò sì sẹ́ni tó wà níbẹ̀. Mo ń lọ síbẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ bá mi fi àdúrà ràn mí lọ́wọ́, kí n lè rí àṣekù yẹn gbà.

Alàgbà Afẹ̀yìntì:
Àìgbọdọ̀mágbà.