Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àwọn obìnrin tí EPDS kò mú, tí wọn kò sì fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀.

Mo ń múra ìjíròrò àpilẹ̀kọ ìwádìí sílẹ̀ lórí EPDS, ìbéèrè mẹ́wàá tí a fi ń wá àmì ìsoríkọ́ lára aláboyún àti abiyamọ. Àpẹẹrẹ tí mo gbé kalẹ̀ fún ìdánrawò rèé. Obìnrin 400 dáhùn. 60 gba máàkì 13 sókè. Dókítà fọ̀rọ̀ wá gbogbo wọn lẹ́nu wò, 30 sì ní ìsoríkọ́. Nínú 340 tó kù, 34 péré tí wọ́n fi ìbò yàn ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. 2 ló ní in.

Bí a bá ka àwọn tí dókítà rí nìkan, EPDS mú 30 nínú 32, ìyẹn 94%. Ṣùgbọ́n ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú 34 yẹn ń ṣojú ẹni 10. Nítorí náà 2 di 20, EPDS sì mú 30 nínú 50 péré: 60%. Ó ká mi lára, torí obìnrin 20 yẹn á lọ sílé láìrí ìtọ́jú.

Mo ti wo QUADAS-2, ìlànà tí a fi ń wo ewu ojúsàájú nínú ìwádìí lórí àyẹ̀wò àìsàn, tó bèèrè bóyá gbogbo ènìyàn ló gba àyẹ̀wò òdiwọ̀n, ìyẹn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò dókítà níbí. Àmọ́ orí ẹni 2 ni àtúnṣe náà dúró lé: ká ní ẹnì 1 ni wọ́n rí, 75% ni, ká ní 3, 50%.

Ìbéèrè mi ni pé, bí àwọn olùwádìí bá fi ìbò yàn wọ́n, tí wọ́n sì ti ṣàtúnṣe ìṣirò báyìí, ṣé kí a ṣì sọ pé ewu ojúsàájú pọ̀, àbí kí a ní ó kéré, kí a kàn sọ pé èsì náà kò dúró ṣinṣin?

Ẹ ṣeun púpọ̀ ṣáájú.