Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá olùrà wo fọ́tò ilé rí, kí lẹ rí níbẹ̀?

Bírìkìlà Mọ́níyà: Àwọn ará wa tó wà lókè òkun máa ń fi fọ́tò ilé tí wọ́n fẹ́ rà ránṣẹ́ sí mi n'Ìbàdàn níbí, kí n bá wọn wò ó kí wọ́n tó fowó sílẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi kan ní Mánṣẹ́sítà ni mo fẹ́ sọ. Búńgálò oníyàrá mẹ́ta ni, fọ́tò tí èjẹ́ńtì kó wá sì ń dán gbinrin.

Ọ̀dà ló kọ́kọ́ fà mí lójú. Nínú yàrá ẹ̀yìn, láti ilẹ̀ dé orúnkún, ọ̀dà tuntun ni. Èyí tó wà lókè ti ṣá. Ta ló ń kun ìdajì ògiri? Bí wọn ò bá fi nǹkan dí omi lórí ìpìlẹ̀ kí wọ́n tó to búlọ́ọ̀kù lé e, omi ilẹ̀ á máa fà gòkè lára ògiri, kì í sì í sábà kọjá ìbàdí. Ibi tí omi náà dé lẹ máa ń rí i tí wọ́n tún kùn.

Lẹ́yìn náà ni mo rí fọ́tò ẹ̀yìnkùlé. Ògiri ti là: ìlà kan bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé, ó ń sọ̀kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn, ó ń gba ojú ibi tí búlọ́ọ̀kù ti pàdé búlọ́ọ̀kù. Òkè rẹ̀ fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ. Irú èyí ló ń jẹ́ kí n fura pé igun ilé ń rì. Ẹ sì wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀: omi òrùlé ti gbẹ́ ibẹ̀ jìn.

Mo ní kí wọ́n ya inú yàrá ní ibi kan náà, kí wọ́n gbé báírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà kí n lè mọ bó ṣe fẹ̀ tó, kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ bíi Document. Wasáàpù máa ń fún fọ́tò pọ̀, ìlà tín-ín-rín á sì pòórá.

Ṣọlá tó ń talẹ̀: Ẹ̀yin bírìkìlà ẹ máa ń dẹ́rù ba èèyàn jù. Ìlà tí ò gba èékánná kì í ṣe nǹkan kan. Èyí tó bá fẹ̀ ló yẹ ká sá fún.

Bírìkìlà Mọ́níyà: Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kò pé. Àwọn ìlà kéékèèké tó tàn káàkiri ara ògiri, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ló yára gbẹ jù. Ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀. Ìlà tóóró tó dúró ṣánṣán níbi tí pílà ti pàdé búlọ́ọ̀kù náà kì í sábà wó ilé. Àmọ́ èyí tó gba inú bọ́ sí ìta, bó ti wù kó tín-ín-rín tó, mi ò ní fojú fò ó. Èyí tó fẹ̀ sì lè ti dáwọ́ dúró tipẹ́. Fọ́tò kan ò lè sọ bóyá ó ṣì ń là. Kí ẹnìkan fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tó parí sí, kó kọ déètì síbẹ̀, kó tún yà á lẹ́yìn òjò.

Àdùkẹ́ Líìdì: Tiwa nílùú òyìnbó níbí ńkọ́? Ògiri ẹ̀yìn wọ́dúróòbù dúdú kiriri, gbogbo wa ń pariwo òrùlé. Ẹni tó wá yẹ ilé wò ní èémí àti oru omi ìdáná ló ń bá ògiri tútù pàdé. Òrùlé ò jò rárá.

Káfíńtà Àgbà: Anti, ilé tí wọ́n fẹ́ rà la ń sọ o. Àmọ́ ẹ ṣeun, torí kò sẹ́ni tó ń ya ẹ̀yìn wọ́dúróòbù.

Ní ti òrùlé, ẹ wo àjà pálọ̀. Àbàwọ́n pupa rúsúrúsú tí etí rẹ̀ dúdú, tí òmíràn tún yí i ká, omi ti gbabẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà nìyẹn. Bí ògiri bá ga yí òrùlé po tí ẹ ò rí páànù láti ìsàlẹ̀, gọ́tà wà lẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa ń jò jù. Kí ẹnìkan gun àkàbà lọ yà á. Kí wọ́n tún ya ilé náà láti òdìkejì títì: bí orí òrùlé bá tẹ̀ ní àárín, igi abẹ́ rẹ̀ kò lágbára mọ́, tàbí ikán ti ń jẹ ẹ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀gbọ́n Mánṣẹ́sítà wá rà á àbí kò rà á?

Bírìkìlà Mọ́níyà: Wọ́dúróòbù ló bo ibi tí mo ní kí wọ́n yà. Èmi àti èjẹ́ńtì fa ọ̀rọ̀ náà títí kí wọ́n tó sún un. Ìlà náà wà nínú lóòótọ́. Mo ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igun yẹn ká rí ìpìlẹ̀, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wò ó. Ẹ̀gbọ́n ní tí wọ́n bá ti ń dín owó kù, àwọn á tún un ṣe. Mo ní èló ni wọ́n fẹ́ dín kù nígbà tí a ò tíì mọ ohun tó wà nísàlẹ̀?

Ṣọlá tó ń talẹ̀: Onílé wo ló máa gbà kí ẹ gbẹ́ ìpìlẹ̀ òun kí ẹ tó sanwó?

Bírìkìlà Mọ́níyà: Ibi tí ọ̀rọ̀ há sí gan-an nìyẹn.