Oníbàárà tuntun kan ń pín owó sí wẹ́wẹ́ kó tó san án sí báńkì: ṣé kí n kọ̀ ọ́ ni, àbí kí n fẹjọ́ sùn?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní báńkì kékeré kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, èmi ni mo ń yẹ ìwé èèyàn wò kí a tó ṣí àkáǹtì fún un. Oníṣòwò gàrí kan mú sítétímẹ́ǹtì oṣù 6 wá láti báńkì mìíràn. Ọjọ́ mẹ́ta léra ni kéèṣì wọlé: 4,850,000 náírà ní Ìjẹ̀bú-Òde, 4,900,000 ní Ṣàgámù, 4,950,000 ní Ìkẹ́nnẹ́. Kò sí èyí tó kọjá mílíọ̀nù 5, tí báńkì ì bá fi jábọ̀ fún NFIU, àjọ ìjọba tó ń tọpa owó tó mú ìfura dání. Lọ́jọ́ kẹrin, gbogbo 14,700,000 jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, sọ́dọ̀ ẹnì kan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni irú èyí wáyé.

Mo kọ́kọ́ rò pé owó ọjà ni (gàrí Ìjẹ̀bú kì í kúkú ṣe ọjà kékeré). Mo fi ọjọ́ ọjà tó dárúkọ wé e, kò bára mu. Mo béèrè rìsíìtì. Méjì tó mú wá kò pé 800,000. N kò sọ ohun tí mo fura sí fún un.

Ọ̀gá mi ní kí n kàn dá ìwé rẹ̀ padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ yìí, nígbà tí owó náà kò tíì gba ọwọ́ wa kọjá, ṣé kíkọ̀ ọ́ nìkan tó, àbí dandan ni kí n kọ ìjábọ̀ ìfura?