Ìmọ̀ràn: Báǹkì ti àkáǹtì mi pa nítorí owó ilẹ̀

Aránṣọ Tankẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwa ọmọ márùn-ún ta ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Ọmù-Àrán ní 6,400,000 náírà, àkáǹtì mi sì ni a ní kí ẹni tó rà á san owó sí. Ọjọ́ kejì tí owó pé ni mi ò lè yọ kọ́bọ̀ mọ́. Báǹkì ní kí n kọ lẹ́tà, kí n sì mú ẹ̀rí ibi tí owó ti wá wá. Kí ni kí n kọ, ìwé wo sì ni kí n kó lọ?

Káfíńtà Ọ̀fà: Àbúrò, NIN ni wọ́n ń wá. Bí wọ́n ṣe ṣe èmi náà nìyẹn lọ́dún 2024: owó tí wọ́n san fún mi lórí òrùlé wọlé, mi ò sì lè fọwọ́ kàn án. Mo mú ìwé NIN lọ, wọ́n so ó mọ́ àkáǹtì mi, ó sì ṣí láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dààmú yín pẹ̀lú lẹ́tà.

Ìyá Ọ̀ṣọ́ Òró: NIN kọ́ ni tiwọn o, wọ́n ní ẹ̀rí owó ni báǹkì béèrè. Ẹ lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ní Ìlọrin, kí ẹ búra pé owó ilẹ̀ bàbá yín ni, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí i, kí ẹ sì mú un fún máníjà. Ìbúra ti parí ọ̀rọ̀.

Akọ̀wé Gaa-Àkáńbí: Ìyá wa, ìwé ìbúra kò burú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó búra ló wà nínú rẹ̀, kò sì fi hàn pé ẹnikẹ́ni ra ilẹ̀. Ẹ̀ka tó ń yẹ owó oníbàárà wò ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, a kì í sì í ṣí àkáǹtì nítorí ìbúra nìkan.

Arábìnrin, kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ lọ sí ẹ̀ka tí ẹ ti ṣí àkáǹtì yín, kí ẹ béèrè ẹni tó ní kí wọ́n tì í. Bó bá jẹ́ àṣẹ ilé ẹjọ́, lẹ́tà yín kò lè ṣe nǹkan kan sí i, ilé ẹjọ́ náà ni lọ́yà yóò padà lọ bá. Bó bá jẹ́ pé báǹkì ẹni tó sanwó ló kọ̀wé pé kí wọ́n dá owó dúró, àfi kí ẹni tó sanwó lọ bá báǹkì tirẹ̀. Èyí tí báǹkì yín fúnra rẹ̀ tì ni lẹ́tà lè ṣí. Ẹ sọ fún wa pẹ̀lú bí owó náà ṣe wọlé gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má kọ nọ́ńbà àkáǹtì síbí.

Aránṣọ Tankẹ́: Ẹ ṣeun, sà. Báǹkì fúnra wọn ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni owó wọlé. 4,000,000 wọlé lọ́jọ́ Ajé láti ọwọ́ ẹni tó ra ilẹ̀. 1,400,000 wọlé lọ́jọ́rú láti ọwọ́ rẹ̀ bákan náà. 1,000,000 sì wọlé lọ́jọ́rú yẹn kan náà pẹ̀lú orúkọ obìnrin kan, ó ní ìyàwó òun ni. `owo oja` ni ó kọ sí abẹ́ ti àkọ́kọ́. Ìgbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ni mo ṣí àkáǹtì náà, owó tó ń wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í sì í ju 40,000 lọ.

Akọ̀wé Gaa-Àkáńbí: Ẹ ti dá ara yín lóhùn. Lójú báǹkì, akẹ́kọ̀ọ́ ni yín títí di òní. Akẹ́kọ̀ọ́ tí owó rẹ̀ kì í ju 40,000 lọ wá gba mílíọ̀nù mẹ́fà àti ààbọ̀ dín díẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, láti ọwọ́ ẹni méjì, wọ́n sì ní owó ọjà ni. Bí ẹ bá mú ìwé ilẹ̀ lọ báyìí, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò yóò rí “ilẹ̀” nínú ìwé, yóò sì rí “ọjà” lára sítétímẹ́ǹtì, yóò sì tún da ìwé yín padà.

Nítorí náà, ẹ gba sítétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́fà, kí ẹ sì fi bírò sàmì sí owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwé kan gbọ́dọ̀ wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, pẹ̀lú orúkọ, iye àti ọjọ́ kan náà. Ìwé àdéhùn títa ilẹ̀ tí olórí ẹbí àti àwọn ẹlẹ́rìí bu ọwọ́ lù ló máa fi 6,400,000 hàn. Kí ẹni tó ra ilẹ̀ kọ lẹ́tà kan tí yóò sọ pé owó ilẹ̀ ni òun pè ní ọjà, pé ìyàwó òun ló bá òun san 1,000,000, kí ìyàwó náà bu ọwọ́ lù ú, kí àwọn méjèèjì sì fi káàdì ìdánimọ̀ wọn mọ́ ọn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀, torí pé wọ́n ń sáré kó ìwé tiwọn, wọn kì í rántí ìwé ẹni tó sanwó.

Èkejì, owó yín nìkan kọ́. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé owó yín ni, tí ẹ sì fi í ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́rin lọ́jọ́ tó bá ṣí, wọ́n lè tún tì í. Kí àwọn mẹ́rin tó kù bu ọwọ́ lu ìwé kan pé àwọn ló yàn yín láti gba owó, kí iye tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan sì wà nínú rẹ̀. Ìwé ikú bàbá yín náà dára ní ẹ̀yìn èyí.

Lẹ́tà yín kò gbọdọ̀ ju ojú ewé kan lọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni báǹkì máa fẹ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe máa lọ nìyí: “Owó mẹ́ta tó wọ àkáǹtì mi, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 6,400,000, jẹ́ owó ilẹ̀ bàbá wa tó wà ní Ọmù-Àrán. Ìwé àdéhùn wà nínú ìwé kìíní. Olùrà ló san owó méjì, ìyàwó rẹ̀ ló san ìkẹta, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé kejì. Ọmọ márùn-ún ló ni owó náà, wọn yóò sì pín in gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé kẹta. Aṣọ ni mo ń rán báyìí, mo sì ti kọ fọ́ọ̀mù láti yí iṣẹ́ mi padà nínú àkọsílẹ̀ yín.” Ẹ má fi ẹkún tàbí ìbínú kún un. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n gba ọ̀kan, kí wọ́n sì tẹ òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí èyí tí ẹ máa mú padà sílé.

Ọmọ Lọ́yà Ìlọrin: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi ẹ̀tọ́ wọn sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ nìkan ló lè ní kí wọ́n ti àkáǹtì ẹnikẹ́ni. Kí arábìnrin pe báǹkì lẹ́jọ́.

Akọ̀wé Gaa-Àkáńbí: Àbúrò, bó bá ṣe ọlọ́pàá tàbí EFCC ló ní kí báǹkì tì í, òótọ́ lẹ sọ, wọ́n gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ilé ẹjọ́ kí wọ́n tó lè tì í pẹ́. Àmọ́ òfin ọdún 2022 lórí fífọ owó ẹ̀gbin mọ́ ní kí báǹkì mọ oníbàárà rẹ̀, kí ó sì jábọ̀ owó tó bá ju 5,000,000 lọ lọ́wọ́ ẹnì kan. Bí wọ́n bá ti jábọ̀ lórí ìfura, òfin kan náà kò gbà wọ́n láyè láti sọ fún oníbàárà, ìyẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n máa dáhùn lẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá lẹ́yìn ọjọ́ tó wà lára òǹtẹ̀ tí wọn kò fèsì, kí arábìnrin fi ẹ̀dà náà ránṣẹ́ sí báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ìyẹn CBN, ní `cpd@cbn.gov.ng`.

Ìyá Ọ̀ṣọ́ Òró: Bí ara ìyá wọn kò bá yá ńkọ́? Ṣé wọn kò lè yọ díẹ̀ fún un?

Akọ̀wé Gaa-Àkáńbí: Ọwọ́ máníjà àti ẹ̀ka tó ń yẹ owó wò ló wà, ìyá wa. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbà, mo sì ti rí ibi tí wọ́n ti kọ̀. Ṣùgbọ́n kí arábìnrin má jẹ́ kí owó aṣọ àwọn oníbàárà tún wọ ibẹ̀, torí pé owó ṣì lè wọ inú rẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní lè jáde.

Aránṣọ Tankẹ́: Ó ti wọ ibẹ̀ o, 15,000 lánàá. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n máa fún mi lówó lọ́wọ́. Ẹni tó ra ilẹ̀ ti kọ lẹ́tà, ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin sì ti bu ọwọ́ lùwé. Ìyàwó olùrà ló kù, ó ti lọ sí Jẹ́bbà, wọ́n ní yóò dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo máa mú gbogbo rẹ̀ lọ lọ́jọ́ Ajé, maa sì padà síbí láti sọ ohun tí wọ́n bá wí.