Káàdì kámẹ́rà mi ní kí n fọ́ọ̀máàtì òun, ẹ gbà mí o!

Ayàwòrán_Ìbàdàn: Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ẹni tó lè bá mi yọ fọ́tò nínú mẹ́mọ́rì káàdì n'Íbàdàn? Ìgbéyàwó àná ló wà nínú ẹ̀. Mo fi í sínú kọ̀ǹpútà, ó kọ `You need to format the disk in drive E: before you can use it`. Ìyàwó ti ń pè mí.

Bọ̀dá Wálé: Fọ́ọ̀máàtì ẹ̀, á ṣiṣẹ́. Bí mo ṣe ṣe tèmi nìyẹn, mo ṣì ń lò ó.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀gbọ́n, fọ́tò ló ń wá, kì í ṣe káàdì!

Alátùn-únṣe: Ẹ tẹ Cancel, ẹ yọ ọ́. Tó bá jẹ́ SD ńlá, ẹ fa bọ́tìnì kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sísàlẹ̀, kí nǹkan kan má baà kọ sínú ẹ̀ mọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, àkọsílẹ̀ tó ń sọ ibi tí fáìlì wà ló máa ń bàjẹ́, fọ́tò ṣì wà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ da káàdì kọ lódindi sórí dísìkì mìíràn. Lórí Linux:

```
lsblk
sudo ddrescue -d /dev/sdb kaadi.img kaadi.map
```

`sdb` tèmi lè má jẹ́ tiyín, `lsblk` lẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Ẹ wá fi PhotoRec ṣí `kaadi.img`. Ọ̀fẹ́ ni. Kò ní rántí orúkọ fọ́tò, fídíò gígùn sì lè má pé.

Dẹ̀ǹdè: Wàhálà kí nìyẹn? `chkdsk E: /f` ti tún fláàṣì mi ṣe lẹ́ẹ̀mẹta.

Alátùn-únṣe: Tó bá ti di RAW, ìyẹn ni pé Windows ò mọ bí wọ́n ṣe to inú ẹ̀ mọ́, chkdsk á kọ̀. Tí kò bá sì kọ̀, inú káàdì yẹn gan-an ló máa kọ nǹkan sí.

Dẹ̀ǹdè: Tèmi ṣiṣẹ́ ṣá.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má gbé e fún àwọn alátùn-únṣe ìta o! Ẹni tí mo gbé tèmi fún, ó yọ fọ́tò ìsọmọlórúkọ, ó sì kó o padà sínú káàdì kan náà. Ojú ọmọ wà lókè, láti imú dé ìsàlẹ̀ di eérú. Ó tún gbowó lọ́wọ́ mi!

Bọ̀dá Wálé: Ṣé ti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn ni? Mo mọ̀ ọ́n!

Alátùn-únṣe: Èyí tó ń kó jáde ló tẹ èyí tó kù mọ́lẹ̀ nìyẹn. Wọn kì í kó o padà síbẹ̀ rárá.

Ọmọ Ṣàkì: Fláàṣì tèmi kò tiẹ̀ hàn, ó kàn ń gbóná. PhotoRec ńkọ́?

Alátùn-únṣe: Kò lè ka ohun tí kọ̀ǹpútà ò rí. Ẹ yọ ọ́ kí ó tó jóná. Ayàwòrán, ṣé kámẹ́rà ṣì ń ka káàdì yẹn? Tó bá ń kà á, ohun tí ẹ fi ń kì í bọ kọ̀ǹpútà ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀.

Ayàwòrán_Ìbàdàn: Ẹ ṣé gan-an. Àbúrò mi ti wá, kò dà á kọ, ó kàn gbé PhotoRec lé káàdì ní tààrà, ó ń kó o sórí láptọ́ọ̀pù. 412 ti jáde. Fídíò àkàrà òyìnbó jáde, ṣùgbọ́n kò ṣí.